Ìṣirò Agbára tí Kò Pé: Niutirínò nínú Ìtàn Ìjẹrà Bẹ́tà, 1914 sí 1956

Àṣà ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé tí ó ń sọ ìtàn niutirínò ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà tí Wolfgang Pauli kọ ní oṣù Kejìlá ọdún 1930. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé lẹ́tà náà kì bá má lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí kò bá sí ti ìwádìí kan tí Charles Ellis àti William Wooster ṣe ní Cambridge ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. A ó sì tún fi hàn pé ànímọ́ kan náà tí ó mú kí èrò Pauli yanjú ìṣòro ni ó mú kí ó ṣòro láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Kí ni ìṣòro ọ̀hún? Nínú ìjẹrà bẹ́tà, kóró átọ́ọ̀mù kan a máa yí padà di kóró mìíràn, elekitírọ́ọ̀nù kan a sì fi eré jáde láti inú rẹ̀. Kóró ti ìṣáájú ní iye agbára tirẹ̀, kóró ti ìkẹyìn náà sì ní tirẹ̀. Nítorí náà, bí agbára kì í bá ṣègbé, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì ni ó yẹ kí elekitírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan gbé lọ, láìsí pé ọ̀kan jù ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí James Chadwick wọ̀n wọ́n ní Berlin ní ọdún 1914, ohun tí ó rí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan gbé agbára púpọ̀ jáde, àwọn kan gbé díẹ̀, gbogbo iye tí ó wà láàrin ni a sì rí. Ó dà bí ìgbà tí a fún ẹgbẹ̀rún ọmọ ní náírà mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ sí ọjà, tí ọ̀kan wá dé pẹ̀lú mẹ́sàn-án, tí òmíràn dé pẹ̀lú méjì.

Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni pé ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ná owó náà. Èyí ni Lise Meitner ní Berlin dì mú: iye kan náà ni gbogbo elekitírọ́ọ̀nù gbà nínú kóró, ṣùgbọ́n wọ́n ń pàdánù nínú rẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sí ìta. Ellis kò gbà. Lójú tirẹ̀, ohun tí ó ti inú kóró jáde kò dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀. Àríyànjiyàn yìí pẹ́, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè fi wíwọn elekitírọ́ọ̀nù lẹ́yìn tí ó ti jáde tán yanjú rẹ̀.

Ọgbọ́n tí Ellis àti Wooster ta ni pé wọn kò wọn elekitírọ́ọ̀nù rárá. Ooru ni wọ́n wọ̀n. Wọ́n fi rádíọ̀mù E, èyí tí í ṣe irú bísímọ́ọ̀tì kan, sínú àpótí òjé kékeré tí ó nípọn tó láti dá gbogbo elekitírọ́ọ̀nù dúró. Bí elekitírọ́ọ̀nù bá pàdánù agbára lójú ọ̀nà, inú àpótí náà ni agbára yẹn yóò wà, yóò sì di ooru. Ọmọ tí ó bá ná owó nínú ilé kò tíì mú owó jáde kúrò nílé. Bí ọ̀rọ̀ Meitner bá jẹ́ òótọ́, ooru tí ìjẹrà kọ̀ọ̀kan yóò mú wá yóò tó 1,050,000 elekitírọ́ọ̀nù-fóòtì, èyí tí ó jẹ́ iye tí ó ga jù lọ tí a ti rí. Bí ọ̀rọ̀ Ellis bá jẹ́ òótọ́, kì yóò ju ìpíndọ́gba gbogbo wọn lọ, ìyẹn bí 390,000.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ooru náà kéré gan-an, bẹ́ẹ̀ ni rádíọ̀mù E ń di polóníọ̀mù, tí òun náà ń mú ooru tirẹ̀ wá. Nítorí náà, wọ́n ń ṣọ́ ooru náà fún ọjọ́ 26, kí wọ́n lè ya èyí tí ó ń dín kù sí ìdajì ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún, bí ti rádíọ̀mù E, sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó ń pọ̀ sí i. Iye tí wọ́n rí ni bí 350,000. Meitner fúnra rẹ̀, pẹ̀lú Wilhelm Orthmann, tún ìwádìí náà ṣe, ó sì kéde ní ọdún 1930 pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òun náà rí i. Ìwà yìí yẹ ní yíyìn, nítorí pé èrò tirẹ̀ ni ó wó lulẹ̀.

Ọ̀nà méjì péré ni ó wá kù. Niels Bohr tọ́ ọ̀kan: bóyá nínú kóró átọ́ọ̀mù, òfin pé agbára kì í ṣègbé kò múlẹ̀ fún ìjẹrà kọ̀ọ̀kan, bí kò ṣe fún àpapọ̀ wọn. Pauli tọ́ èkejì: nǹkan kan wà tí ó ń bá elekitírọ́ọ̀nù jáde, tí kò ní iná mànàmáná lára, tí ó sì ń la òjé kọjá láìfi ooru kankan sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ń pín agbára náà láàrin ara wọn, nígbà mìíràn ọ̀kan a gba púpọ̀, nígbà mìíràn èkejì. Ní ti wa, a rò pé Bohr kò ní ìdáhùn sí ìbéèrè kan: bí ìjẹrà kọ̀ọ̀kan bá lè ṣe bí ó ti wù ú, kí ló dé tí elekitírọ́ọ̀nù kan kì í kọjá 1,050,000? Ní ọdún 1933, Ellis àti Nevill Mott fi yéni pé òpin yìí gan-an ni ìyàtọ̀ agbára láàrin kóró méjèèjì.

Pauli rò pé inú kóró ni nǹkan náà ń gbé tẹ́lẹ̀. Enrico Fermi ni ó tún èyí ṣe nínú ìṣirò rẹ̀ ti ọdún 1933 sí 1934. Ó ní ìgbà tí niutírọ́ọ̀nù bá di pírótọ́ọ̀nù ni elekitírọ́ọ̀nù àti niutirínò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wáyé, bí ohùn kò ti sí nínú ìlù kí á tó lù ú. Láti inú ìṣirò yìí ni Hans Bethe àti Rudolf Peierls ti rí i ní ọdún 1934 pé niutirínò lè tún kọlu kóró, kí ó yí ìjẹrà padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n wọ́n parí rẹ̀ sí pé kò sí bí ẹnikẹ́ni yóò ṣe rí i.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Elekitírọ́ọ̀nù tí ó ń la òjé kọjá ń fi iná ara rẹ̀ ti átọ́ọ̀mù láti òkèèrè, kò sì pẹ́ tí àárẹ̀ fi mú un. Niutirínò kò ní iná yìí. Agbára kan ṣoṣo tí ó lè fi kan kóró, yàtọ̀ sí òòfà ayé tí kò já mọ́ nǹkan níhìn-ín, kò dé ibi tí ó ju bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìbú pírótọ́ọ̀nù lọ. Bí a bá fi iye tí a padà wá wọ̀n ní ọdún 1956 ṣe ìṣirò, niutirínò tí ó ti inú riákítọ̀ jáde yóò rin inú omi bí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ohun tí ó ju 200 ọdún lọ, kí ó tó kọlu pírótọ́ọ̀nù kan.

Ohun tí ó wá yí ọ̀rọ̀ padà ni riákítọ̀, ẹ̀rọ tí a ti ń la kóró átọ́ọ̀mù. Bí ọ̀kan kò bá lè kọlu nǹkan, a lè rán àìníye. Ní Savannah River, ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, Frederick Reines àti Clyde Cowan gbé àgbá omi sí abẹ́ ilẹ̀, ní mítà 11 sí riákítọ̀ kan. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, niutirínò tí ó ń gba ojú sẹ̀ǹtímítà kan níbùú-lóròó kọjá ju 10,000,000,000,000 lọ. (Antí-niutirínò ni à ń pe irú èyí lónìí.) Bí ọ̀kan bá kọlu pírótọ́ọ̀nù nínú omi, niutírọ́ọ̀nù àti pósítírọ́ọ̀nù yóò jáde. Pósítírọ́ọ̀nù yóò pàdé elekitírọ́ọ̀nù, àwọn méjèèjì yóò sì parẹ́ pẹ̀lú ìtànṣán méjì. Niutírọ́ọ̀nù yóò rìn gbéregbère títí kádímíọ̀mù tí a pò mọ́ omi yóò fi gbé e mì ní ìwọ̀nba ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìtànṣán mìíràn yóò sì jáde. Ìtànṣán méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn bẹ́ẹ̀ ni àmì tí wọ́n ń wá.

Bí mẹ́ta ni wọ́n ń rí ní wákàtí kan. Irú iye kékeré bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀tàn, nítorí pé ìtànṣán láti ojú ọ̀run àti láti inú riákítọ̀ fúnra rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n pa riákítọ̀, iye náà sì wálẹ̀. Wọ́n fi omi wúwo rọ́pò apá kan nínú omi náà kí pírótọ́ọ̀nù lè dín kù. Iye náà bá a dín kù. Wọ́n to àpò lẹ́búlẹ́bú igi tí a fi omi rin yí ẹ̀rọ ká, èyí tí ó yẹ kí ó dá niutírọ́ọ̀nù riákítọ̀ dúró. Àmì náà kò yẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1956, wọ́n tẹ wáyà sí Pauli ní Zürich.