Contraste díẹ̀, Vibrance díẹ̀: bí a ṣe ń tún fótò ṣe láì ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́

Ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀ àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, àwọ̀ mẹ́ta ló máa ń pọ̀ jù nínú fótò wa: ilẹ̀ pupa, ewé ọ̀pẹ, àti ara àwa ènìyàn dúdú. Bó bá jẹ́ fótò ọjà, epo pupa á tún wọlé. Àwọn àwọ̀ wọ̀nyí gan-an ni fílítà líle tètè máa ń bàjẹ́. Ilẹ̀ á dà bí ẹ̀jẹ̀, ewé á máa tàn bí iná aláwọ̀, ojú ènìyàn á sì dà bí ọsàn tó pọ́n. Ẹni tó mọ ibẹ̀ kò ní gbà pé ibẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí fílítà jẹ́. Ó jẹ́ àṣẹ tí ẹnì kan ti tò sílẹ̀ kó tó rí fótò yín: gbé pupa sókè báyìí, sọ òkùnkùn di aró díẹ̀, mú ìmọ́lẹ̀ pọ́n. Pẹ̀lú Instagram, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, ni ó di nǹkan tí gbogbo ènìyàn ń fi ìka kan ṣe. Ó dà bí ẹni tó ń bu iyọ̀ kan náà sí gbogbo ọbẹ̀ láì tọ́ ọ wò. Ẹni tó tò ó kò mọ̀ bóyá oòrùn ọ̀sán ni ẹ wà tàbí abẹ́ igi, kò sì mọ̀ bóyá ẹni tó wà nínú fótò dúdú tàbí ó pọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1950 lọ, Kódáàkì máa ń fi fótò obìnrin òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Ṣẹ́lì ránṣẹ́ sí àwọn ilé tí wọ́n ti ń fọ fótò, kí wọ́n lè fi awọ ara rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀. Bí ojú òyìnbó náà bá ti dára, wọ́n gbà pé fótò ti dára nìyẹn. Ojú àwọn aláwọ̀ dúdú sì ń sọnù sínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lórí pọtáàbù, a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Nínú Lightroom, èyí tí a lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, a ó rí àwọn ìlà tí a ń fi ìka fà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ láti -100, wọ́n sì dé +100. 0 ni àárín, ibẹ̀ ni fótò wà bí ẹ ṣe yà á. Mẹ́ta la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù: Contraste, Vibrance àti Saturation.

Contraste máa ń fa ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn jìnnà síra wọn. Ibi tó mọ́lẹ̀ á mọ́lẹ̀ sí i, ibi tó dúdú á dúdú sí i. Ìdí nìyí tí fótò tó rọ̀ fi máa ń jí nígbà tí a bá fà á. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn dúdú ti sún mọ́ ibi òkùnkùn tẹ́lẹ̀. Bí a bá fa Contraste dé +50, abẹ́ gèlè, ẹ̀gbẹ́ imú àti abẹ́ àgbọ̀n á di dúdú kan ṣoṣo, a kò ní rí ilà ojú mọ́. Ní apá kejì, aṣọ funfun á funfun débi pé ọnà ara rẹ̀ á parẹ́. Láàárín +5 àti +15 ló máa ń tó fún fótò tí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Bí ojú bá ṣókùnkùn, ìlà tó ń gbé ibi dúdú sókè, tó wà nítòsí Contraste, ni kí ẹ kọ́kọ́ fà, kí ẹ tó fọwọ́ kan Contraste rárá.

Ọ̀rọ̀ Saturation àti Vibrance ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dà pọ̀. Àwọn méjèèjì ń mú kí àwọ̀ kún, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀. Saturation kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, gbogbo àwọ̀ ló ń tì sókè papọ̀. Vibrance a máa wò ó kó tó tì í: àwọ̀ tó rẹ̀ ni ó ń ràn lọ́wọ́ jù, ó ń fi àwọ̀ tó ti kún sílẹ̀, ó sì ń ṣọ́ra fún àwọn àwọ̀ tó wà láàárín pupa àti ọsàn, níbi tí awọ ara ènìyàn máa ń wà, ti dúdú àti ti funfun. Kì í ṣe Adobe ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Ilé-iṣẹ́ kan ní Dẹ́ńmáàkì, Pisimáńtẹ́ẹ̀kì, ló ní in, Adobe sì ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2006. Fún àwa, nǹkan méjì ló ń bọ̀ nínú ìwà rẹ̀ yìí. Ó ń dá ojú ènìyàn sí, ó sì ń dá ilẹ̀ pupa wa sí pẹ̀lú, nítorí àdúgbò àwọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé.

Kí ló dé tí àwọ̀ tó kún jù fi burú? Pọtáàbù ń fi nọ́ńbà mẹ́ta kọ àmì kọ̀ọ̀kan nínú fótò: pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró, látorí 0 dé 255. Ká sọ pé ibi tí epo ti jinlẹ̀ nínú ìgò, pupa rẹ̀ jẹ́ 190, ibi tí oòrùn ti kàn án sì jẹ́ 225. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ojú mọ̀ pé epo ni, pé ó ń ṣàn, pé ó mọ́. Bí a bá ti gbogbo rẹ̀ sókè títí àwọn méjèèjì fi dé 255, kò sí ibi tí wọ́n tún lè lọ. Wọ́n ti di ọ̀kan náà, epo á sì dà bí ọ̀dà tí wọ́n fi kun ògiri. Bí ẹ bá dá Saturation padà lẹ́yìn tí ẹ ti fi fótò náà pamọ́ bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tó ti sọnù kò ní padà wá.

Ẹ jẹ́ ká mú fótò kan. Màmá kan tó ń ta epo ní ọjà Ìpinlẹ̀ jókòó lábẹ́ báàṣì aláwọ̀ aró, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Ìgò epo mẹ́fà wà níwájú rẹ̀, àti abọ́ funfun kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ pupa àti ọ̀pẹ méjì. Ọmọ rẹ̀ fi fílítà kan sí i ní gbogbo agbára rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní Àjàṣẹ́. Ìdáhùn tó bọ̀ ni: «Màmá, ẹ má bínú o, ṣé ẹ kò fi nǹkan sí epo yìí?» Ìbéèrè náà kì í ṣe àfojúdi. Ní ọdún 2015, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ ní orílẹ̀-èdè Gánà rí aró tí wọ́n ń pè ní Sùdáànù 4 nínú epo pupa tí wọ́n ń tà lọ́jà, aró ilé-iṣẹ́ tí kò yẹ kó wọ oúnjẹ rárá. Láti ìgbà náà, epo tó pupa kọjá bó ṣe yẹ ń fa ìfura. Epo màmá yìí mọ́. Fótò ló parọ́ mọ́ ọn.

A padà sí fótò bí wọ́n ṣe yà á. Ohun tí a kọ́kọ́ wò ni abọ́ funfun: ó ní àwọ̀ aró díẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ gba inú báàṣì kọjá. Ibí yìí ni ààlà Vibrance wà. Ó ń ran àwọ̀ tó rẹ̀ lọ́wọ́, aró tó bà lé abọ́ náà sì jẹ́ àwọ̀ tó rẹ̀. Bí a bá fa Vibrance lójú ẹsẹ̀, abọ́ á di aró, eyín màmá náà pẹ̀lú. Nítorí náà, Température la kọ́kọ́ fà díẹ̀díẹ̀ sí apá tó pọ́n, títí abọ́ fi padà di funfun. Lẹ́yìn náà a gbé ibi dúdú sókè sí +20, ojú màmá hàn, ilà rẹ̀ hàn. Contraste, +8. Vibrance, +15: ewé ọ̀pẹ jí, ojú ọ̀run tó ti rẹ̀ rí àwọ̀ díẹ̀, epo kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Saturation dúró ní 0. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Màmá fúnra rẹ̀ gbé ìgò kan sí ẹ̀gbẹ́ pọtáàbù, ó wo méjèèjì, ó ní: «Ẹ̀ẹ̀n, èmi rèé, epo mi rèé.» Kò sí òṣùwọ̀n tó dára ju ìyẹn lọ. Bí nǹkan náà bá wà nítòsí, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fótò rẹ̀.

Àwọn nọ́ńbà yìí kì í ṣe òfin o, wọ́n ń yí padà pẹ̀lú àsìkò. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku máa ń bo ohun gbogbo bí aṣọ fẹ́lẹ́, fótò á sì rọ̀; Contraste lè dé +25 láì ba nǹkan jẹ́. Ní oòrùn aago kan ọ̀sán, òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ ti jìnnà síra tẹ́lẹ̀, nígbà náà 0 ni Contraste yẹ kó wà, ó tilẹ̀ lè jẹ́ -10. Ní ìgbà òjò, ewé ti kún fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ewé ọ̀pẹ àti ewé àgbàdo ti di àwọ̀ kan náà, Vibrance ti pọ̀ jù, ẹ dá a padà sí +5.

Ojú tètè máa ń mọ́ àṣejù lára. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ ti ń wo fótò kan, èyí tó kún jù á dà bí èyí tó tọ́. Nítorí náà, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, ẹ lọ pọn omi tàbí ẹ lọ kí aládùúgbò. Bí ẹ bá padà dé, ẹ tẹ fótò náà mọ́lẹ̀ kí ó fi bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ hàn yín. Ẹ wo funfun ojú, eyín, àti àtẹ́lẹwọ́. Bí funfun ojú bá ti pọ́n, tàbí bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti dà bíi pé wọ́n fi osùn kùn ún, ẹ dín gbogbo ohun tí ẹ fà kù sí ìdajì. Ẹ sì gbé ìmọ́lẹ̀ ojú pọtáàbù sí àárín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó lọ sílẹ̀ láti fi dá bátìrì sí, fótò rẹ̀ á mọ́lẹ̀ jù lójú ẹlòmíràn.

Lightroom kì í pa fótò àkọ́kọ́ rẹ́, ẹ̀dà tuntun ni ó ń fi pamọ́. Ẹ má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ fúnra yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp fún oníbàárà tàbí fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document. Lọ́nà ti àwọn fótò lásán, WhatsApp máa ń fún un kó lè kéré, pupa epo àti òkùnkùn abẹ́ gèlè sì wà lára ohun tó tètè máa ń di pápàpápá.