Bí a ṣe ń tún àṣìkọ ṣe nínú fọ́tò pátákó ṣọ́ọ̀bù

Bí wọ́n bá kọ ‘STATIONARY STORE’ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìwé nílùú Ẹdẹ, ‘E’ ló yẹ kó rọ́pò ‘A’ kejì. Ẹni tó fẹ́ tún un ṣe nínú fọ́tò yóò kọ́kọ́ fi Clone Stamp inú Photoshop fa àwọ̀ pátákó bo ‘A’ náà. Lẹ́yìn èyí, yóò da ‘E’ inú ‘STORE’ kọ, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ni. Bí wọ́n bá ya fọ́tò láti apá òsì, ‘E’ yìí yóò kéré. Kó fi Distort fẹ̀ ẹ́ títí orí àti ìdí rẹ̀ yóò fi bá ti ‘N’ àti ‘R’ mu. Bó bá dán ju wọ́n lọ, àṣírí ti tú. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tọ́ fún ìpolówó, kò tọ́ fún ìròyìn, nítorí àṣìkọ ṣì wà lára pátákó gan-an.