Ìgbékalẹ̀ Thompson

Ìgbékalẹ̀ Thompson, tí Ken Thompson gbé jáde ní ọdún 1968, ni ọ̀nà tí a fi ń sọ àwòṣe ọ̀rọ̀ bíi `(a|b)*` di ẹ̀rọ oníipò. Láti inú ẹ̀yà tó kéré jùlọ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: `a` gba ipò méjì tí ọfà kan so pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni `b`. Fún `a|b`, a fi ipò ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí tuntun kún un, a sì fi àwọn ọfà òfìfo (`ε`), tí kì í ka lẹ́tà, so wọ́n mọ́ra. Ó di ipò mẹ́fà. `*` fi méjì mìíràn kún un: ọfà òfìfo kan ń padà sẹ́yìn, òmíràn ń fo ẹ̀yà náà kọjá. Bí a bá gbàgbé ọfà tó ń fò yìí, ẹ̀rọ náà yóò kọ ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan, èyí tó yẹ kí ó gbà.