Ògiri Tí Kò Lanu: Ohun Tí Fúùsì Ń Ṣọ́ àti Ohun Tí Kò Lè Ṣọ́

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ìdílé tí ìjà abẹ́lé ti tú ká ni àwọn àgbà sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ògiri tí èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò ju àpótí kékeré kan tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́ lọ. Ó sì yẹ kí n tún ohun kan ṣe kí n tó lọ jìnnà: kì í ṣe aláǹgbá ló sábà ń wọ inú ẹ̀rọ iná, ọmọńlé ni. Aláǹgbá fẹ́ràn ìta àti oòrùn. Ibi tó ṣókùnkùn tó sì lọ́wọ́ọ́wọ́ ni ọmọńlé ń wá, inú àpótí tí trànsífọ́mà wà sì nìyẹn. Mo ti ṣí irú àpótí bẹ́ẹ̀ rí ní Ibafo tí mo bá ọmọńlé tó ti gbẹ láàárín orí wáyà méjì, tí ara ike tó yí i ká ti dúdú bí èédú. Ihò tó gbà wọlé kò ju ihò tí wọ́n lu fún wáyà lọ, ẹni tó lu ú kò kàn rántí dí àlàfo tó kù.

Láti Mowe títí dé Ifo, ọ̀pọ̀ onílé ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fúnra wọn, súmò ló sì ń fa omi sókè sínú táǹkì. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó mọwọ́ ẹ̀rọ máa kọ́ àpótí tó ń tan súmò nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀, tó sì ń pa á nígbà tí táǹkì bá kún. Ọ̀kan nínú wọn gbé tirẹ̀ wá bá mi ní Mowe. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, àfi pé inú abọ́ ike tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ ló kó gbogbo rẹ̀ sí. Ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó mọ́ púlọ́ọ̀gì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má mikàn, fúùsì 13 wà nínú púlọ́ọ̀gì yẹn. Kò lè pa ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ tú palẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà á gbọ́. Fúùsì kì í ṣọ́ ènìyàn. Wáyà ló ń ṣọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iná ilé wa jẹ́ 230 fóltì. Bí ọwọ́ bá kan wáyà tó ní iná tí ẹsẹ̀ sì wà nílẹ̀ tó tutù, a lè ka ara ènìyàn sí bíi 1,000 òómù. Ẹ fi 1,000 pín 230, iná tó máa gba ara onítọ̀hún kọjá jẹ́ 0.23 áńpù. Ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tó lè da ọkàn rú lọ, ṣùgbọ́n lójú fúùsì tí wọ́n ṣe láti gbé 13 áńpù, kò jẹ́ nǹkan kan. Gílóòbù kékeré kan lásán ló dà bíi pé wọ́n tàn. Fúùsì náà yóò wà níbẹ̀ láì já, onítọ̀hún yóò sì ti kú.

Àwọn kan á ní bí kò bá ṣọ́ ènìyàn, ó ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin tí à ń lò ti wá, abẹ́ ìlànà BS 1363 tí wọ́n gbé jáde ní 1947. Lẹ́yìn ogun, wọ́n ń wá bí wọn ò ṣe ní fi bàbà ṣòfò, wọ́n wá so ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ wáyà kan ṣoṣo tó yí ilé po, wọ́n sì fi fúùsì 30 áńpù ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára rédíò tàbí fáànù á ti yọ́ kí 30 áńpù tó já. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ki fúùsì kékeré bọ inú púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀: kí wáyà ọwọ́ ẹ̀rọ má bàa jóná. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ bí a ṣe ń yan fúùsì. Wáyà la kọ́kọ́ ń wò, ká tó wo ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká wo àpótí ọmọ Mowe yìí. Súmò rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin kan, tó ń jẹ bíi 6 áńpù bó bá ti ń yí geere. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ó lè gbé tó ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà ìyẹn mì fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi fúùsì 5 sí i, ìgbéra yẹn kò ní pẹ́ já a. Nítorí náà 13 ló yẹ ẹ́. Àṣìṣe ọmọ náà wà lára wáyà: 0.75 ló lò, èyí tí kò yẹ kó gbé ju 6 áńpù lọ pẹ́ títí. Fúùsì 13 kì í sì í já ní 13. Ó lè gbé 20 áńpù fún ìgbà pípẹ́ láì já. Bí súmò bá ń fi agbára káká yí nísàlẹ̀ kànga, tó ń fa 15 áńpù, wáyà náà á máa gbóná lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, fúùsì á sì máa wò ó. Wáyà 1.5 ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Fúùsì kejì kò sí rárá, ó sì yẹ kó wà. Trànsífọ́mà kékeré tó ń bọ́ pátákó ẹ̀rọ náà kò jẹ ju wáàtì 5 lọ, ìyẹn bíi 0.02 áńpù. Bó bá bàjẹ́, ó lè gbiná tipẹ́tipẹ́ kí fúùsì 13 tó mọ̀. Fúùsì onígíláàsì tí wọ́n kọ T100mA250V sí létí irin rẹ̀ la fi síwájú rẹ̀. T yẹn túmọ̀ sí pé ó máa ń ní sùúrù díẹ̀, nítorí trànsífọ́mà máa ń mi iná gbì nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé. F kò ní sùúrù, á já láìnídìí, ibẹ̀ sì ni ènìyàn ti ń bínú fi bébà sìgá tó ń dán tàbí fọ́nrán bàbà dí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Fọ́nrán bàbà kan ṣoṣo tó nípọn tó ìdajì mìlímítà kì í yọ́ títí iná fi súnmọ́ 28 áńpù. Ẹni tó bá lọ́ mẹ́ta pọ̀ kò ní fúùsì mọ́.

Ọ̀rọ̀ fúùsì ti gbé wa jìnnà sí ògiri wa, ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀, nítorí òun ló ń ṣọ́ ènìyàn ní tòótọ́. Abọ́ oúnjẹ máa ń yọ́, ó sì máa ń jó bí àbẹ́là. Àpótí ike líle tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ iná, irú èyí tí iná rẹ̀ ń kú fúnra rẹ̀ bí a bá gbé ìṣáná kúrò, ni kí a lò. Ìdérí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a fi ìdè dè, tí ọmọdé kò lè ṣí láìlo irinṣẹ́. Àwọn tó ń dán àpótí wò ní ìka irin kan tí wọ́n fi ń wọn ihò: ó fẹ̀ tó mìlímítà 12, ó gùn tó 80. Bí ìka yẹn bá lè dé ibi tó ní iná, àpótí náà ti kùnà. Ìwọ̀n ìka ènìyàn nìyẹn o. Ìwọ̀n ọmọńlé kéré sí i, nítorí náà ibi tí wáyà gbà wọlé gbọ́dọ̀ ní òrùka tó ń fún un mọ́ra. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ di wáyà mú níta kí ẹ fà á gan-an, kò gbọdọ̀ mira nínú. Kí òrùka náà wà nísàlẹ̀ àpótí, kí omi òjò má baà tọ wáyà wọlé.

Wáyà tó lọ sínú táǹkì, tó ń wo omi, jẹ́ fóltì 12 lásán. Ọwọ́ ìyàwó ilé ń kàn án nígbà tó bá ń fọ táǹkì. Ọmọ náà dì í pọ̀ mọ́ wáyà 230 nínú abọ́. Ó kéré tán, mìlímítà 8 ló yẹ kó wà láàárín ìhà méjèèjì.

Bí àpótí bá jẹ́ irin, a gbọ́dọ̀ so wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn níbi tí a ti ha ọ̀dà kúrò, kí wáyà náà sì gùn ju méjì yòókù lọ, kó lè jẹ́ òun ni yóò já kẹ́yìn bí ẹnì kan bá fa wáyà tu. Ṣùgbọ́n ẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó. Ká ní irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ní 20 òómù. Bí wáyà iná bá kan ara àpótí, 230 tí a fi 20 pín jẹ́ 11.5 áńpù. Fúùsì 13 kò ní já. Àpótí náà á dúró níbẹ̀ tòun tiná lára. Nígbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń kojú irú èyí ni ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ẹ́ẹ̀tì líkéèjì, tó ń wò bóyá iná tó jáde lọ ni ó padà wálé. Bí 0.03 áńpù bá sọnù sílẹ̀, ó máa pa gbogbo rẹ̀ láàárín ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Àmọ́ ẹni tó bá fi ọwọ́ méjèèjì di wáyà méjèèjì mú, tí kò kan ilẹ̀, ẹ̀rọ yìí náà kò ní rí i.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ti parí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo fi ṣe ààlà: ohun tó wà níwájú rẹ̀, tí a lè yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò ká tó fọwọ́ kàn án, ọmọ tó fara balẹ̀ lè kọ́ ọ. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ́ẹ̀tì líkéèjì, ìwọ̀n irin ẹ́ẹ̀tì, yíyí fésì àti síso jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ ni. Mítà àti òpó jẹ́ ti IBEDC. Ìdí tí mo fi le lórí yíyí fésì ni pé bí wọ́n bá ṣi wáyà méjèèjì so, fúùsì yín á bọ́ sórí èyí tí kò ní iná. Yóò já, ẹ̀rọ á kú, ṣùgbọ́n 230 ṣì wà nínú rẹ̀ ní pípé. Ẹ pe oníṣẹ́ bákan náà bí púlọ́ọ̀gì bá pọ́n lẹ́sẹ̀, bí fúùsì bá já lẹ́ẹ̀mejì, tàbí bí ẹ̀rọ omi bá ń ta yín lọ́wọ́. Ẹ ní kó fi ìwé ẹ̀rí NEMSA hàn yín, àjọ tí òfin fún ní àṣẹ láti dán oníṣẹ́ iná wò.

Ọmọ Mowe gbé abọ́ rẹ̀ lọ, ó sì ti ra àpótí tòótọ́. Bí ẹ́ẹ̀tì líkéèjì bá wà nílé tiyín, bọ́tìnì kékeré kan tí wọ́n kọ T sí wà lójú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ lónìí nígbà tí iná bá wà. Bí iná ilé kò bá kú lójú ẹsẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.