“Àwọn Ọmọ Náà Ni Ó Fọ́ Ìkòkò”: Èsì Olùkọ́ Kan sí Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Ṣiyèméjì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, “Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.” Nígbà tí ọmọdé bá sọ ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu lójú àgbà ni a sábà máa ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé ọ̀kan náà ni ọgbọ́n ọmọdé àti ti àgbà. Ọgbọ́n méjì ló dárúkọ. Ti ọmọdé ni pé ojú rẹ̀ máa ń tètè rí ohun tó dà bíi pé kò bára mu, nítorí kò tíì mọ́ ọn lára. Ti àgbà ni pé ó ti bá nǹkan náà gbé pẹ́, ó sì lè tọ ìdí rẹ̀ dé gbòǹgbò. Bí ọ̀kan bá kọ èkejì, ìlú inú òwe náà kò ní í dúró.

Irú ọgbọ́n méjì bẹ́ẹ̀ pàdé nínú ìwé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Ìbàdàn, tó wà ní ọdún kìíní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Àkíyèsí alátẹnumọ́ ni wọ́n kọ́ lọ́jọ́ náà, ìyẹn gbólóhùn tí a ti gbé apá kan síwájú, tí a sì fi “ni” tẹ̀ lé e kí etí lè mú un. Iṣẹ́ àṣetiléwá wọn jẹ́ gbólóhùn márùn-ún tí olùkọ́ ní kí wọ́n dà kọ láti inú ìwé, kí wọ́n sì fa ìlà sábẹ́ ohun tí à ń tẹnu mọ́. Ẹ̀kẹta nínú wọn ni: “Àwọn ọmọ náà ni ó fọ́ ìkòkò.”

Ọmọ náà fa ìlà sábẹ́ “àwọn ọmọ náà” bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ló fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ó dà bíi pé gbólóhùn yìí kò tọ́. Àwọn ọmọ náà pọ̀, ẹnì kan ṣoṣo sì ni a ń pè ní ‘ó’. Ṣé kì í ṣe ‘wọ́n’ ló yẹ kó wà níbẹ̀? Bóyá àwọn tó tẹ ìwé náà ló ṣì í kọ.”

Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nípa arọ́pò-orúkọ ló gbé yẹ̀ wò, pé “ó” wà fún ẹyọ, “wọ́n” sì wà fún ọ̀pọ̀. Bí a bá ní “Àwọn ọmọ náà dé, ó sì jẹun”, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ yóò béèrè pé ta ló jẹun. Kí ló wá dé tí “ó” kan náà fi lè tẹ̀ lé “àwọn ọmọ náà” lẹ́yìn “ni” láìsí wàhálà?

Olùkọ́ náà kò kàn kọ “ó tọ̀nà” kó sì kọjá lọ. Ó yí bírò pupa ká ọ̀rọ̀ kan nínú àkọsílẹ̀ ọmọ náà fúnra rẹ̀: “àwọn tó tẹ ìwé náà ló ṣì í kọ.” Ó wá kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: “Ọmọ mi, èèyàn mélòó ló tẹ ìwé náà nínú gbólóhùn tìrẹ yìí? Kí ló dé tí o kò kọ ‘ni wọ́n’?” Ọmọ tó ń jiyàn pé “ni ó” kò lè bá ọ̀pọ̀ lọ ti fi ẹnu ara rẹ̀ lò ó fún ọ̀pọ̀. “Ló” tó kọ, “ni ó” náà ni. Ìsunkì ló ṣẹlẹ̀ sí i, tí “ni” di “l” níwájú “ó”, gẹ́gẹ́ bí “ni a” ṣe di “la” nínú òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí olùkọ́ náà fún un ni pé kó máa pààrọ̀ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni ó fọ́ ìkòkò. Ìwọ ni ó fọ́ ìkòkò. Àwa ni ó fọ́ ìkòkò. Ẹ̀yin ni ó fọ́ ìkòkò. Kò sí èyí tí etí Yorùbá kọ̀ nínú wọn. Bó bá jẹ́ pé “ó” tí a mọ̀ sí ẹnì kan tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni “ó” yìí, kò ní í lè tẹ̀ lé “èmi” tàbí “ìwọ”, nítorí pé èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ kì í pe ara mi ní “ó”. Nítorí náà, “ó” inú gbólóhùn wọ̀nyí kò ka iye èèyàn, kò sì sọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ẹ̀rí kejì ti inú ilé wá, òun ló sì yé ọmọ náà jù. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í pe ìyá rẹ̀ ní “ó”. Bí a bá béèrè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, “wọ́n ti lọ sọ́jà” ló máa sọ. Síbẹ̀, bí a bá béèrè ẹni tó rán an níṣẹ́, yóò dáhùn pé, “Màmá mi ló rán mi,” kò sì sí àgbà tí yóò bá a wí pé ó rí ìyá rẹ̀ fín. Ká ní arọ́pò-orúkọ ẹlẹ́ni kan ṣoṣo ni “ó” yẹn ni, àrífín gbáà ni gbólóhùn náà ìbá jẹ́. A kò kà á sí àrífín nítorí pé etí wa mọ̀ pé kì í ṣe ìyá ni “ó” náà ń dúró fún.

Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀? Olùkọ́ náà ní kí ọmọ náà pe “Ọmọ fọ́ ìkòkò” sókè, kó sì fetí sí bí “ọmọ” ṣe ń parí. Bí a ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, ohùn àárín méjì ni “ọmọ” ní. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́, ìparí rẹ̀ máa ń lọ sókè kó tó kan “fọ́”, bí ẹni pé “ọmọ́ fọ́ ìkòkò”. Ohùn òkè kékeré kan ló yọ́ wọlé sáàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe. A kì í sábà kọ ọ́ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé kò fi mọ̀ pé ó wà. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ náà bá ti fi ohùn òkè parí, bíi “Adé” tàbí “ìyá”, kò lè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, etí kì í sì í gbọ́ ìyàtọ̀. Ohùn yìí kò sì bìkítà fún iye: bó ṣe wà nínú “ọmọ fọ́ ìkòkò” náà ló wà nínú “àwọn ọmọ fọ́ ìkòkò”.

Awuyewuye lórí ohùn òkè yìí pọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ gírámà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1975. Àwọn kan ní àmì ìbámu olùwà ni, àwọn mìíràn ní àmì àsìkò ni. Ohun tó kan akẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀ ni pé ọ̀nà kan wà tó rọrùn láti gbà lóye “ó” inú àkíyèsí alátẹnumọ́: ohùn òkè yẹn náà ni, tó wá di ọ̀rọ̀ tí a lè rí nígbà tí a ti gbé olùwà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ síwájú “ni”.

A lè dán èyí wò. Ohùn òkè yẹn kì í yọjú níwájú “kò” tàbí “yóò”; “ọmọ kò fọ́ ìkòkò” ni à ń pè, ìparí “ọmọ” kì í gòkè níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òun náà ni “ó”, a jẹ́ pé “ó” náà kò gbọdọ̀ sí níwájú “kò”. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí: “Àwọn ọmọ náà ni kò fọ́ ìkòkò.” “Ó” ti pòórá, “wọ́n” kò sí níbẹ̀, gbólóhùn náà sì pé pérépéré. Ká ní dandan ni kí “wọ́n” wà fún ọ̀pọ̀ ni, gbólóhùn yìí ìbá ti dún bí èyí tó já.

Ṣùgbọ́n iyèméjì ọmọ náà kò já sí asán, nítorí pé “ó” méjì ló wà lẹ́yìn “ni”. Ẹ gbọ́ “Ìkòkò ló fọ́.” Ìtumọ̀ kìíní ni pé ìkòkò náà fúnra rẹ̀ ló là, kì í ṣe àwo. Ìtumọ̀ kejì ni pé ẹnì kan wà tí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀, ìkòkò sì ni ohun tí ẹni náà fọ́. Nínú ti kìíní, ìkòkò ni olùwà, “ó” kò sì dúró fún ẹnikẹ́ni. Nínú ti kejì, ìkòkò ni àbọ̀, “ó” sì jẹ́ arọ́pò-orúkọ gidi, tí a lè fi “Bàbá” tàbí “wọ́n” rọ́pò.

Ibi tí a ti ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. “Àwọn ọmọ náà ni ó nà án” ní àbọ̀ lẹ́yìn “nà”. Àwọn ọmọ náà ló na ẹnì kan. “Àwọn ọmọ náà ni ó nà” kò ní àbọ̀ níbẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ náà gan-an ni àbọ̀ tí a gbé síwájú, ẹnì kan ló sì nà wọ́n. Nínú gbólóhùn kẹta inú iṣẹ́ àṣetiléwá náà, “ìkòkò” jókòó sẹ́yìn “fọ́” bí àbọ̀, nítorí náà àwọn ọmọ náà ni olùwà.

Ti “wọ́n” tí ọmọ náà dábàá ńkọ́? Olùkọ́ náà kò fi bírò fà á tì. “Àwọn ọmọ náà ni wọ́n fọ́ ìkòkò” wà lẹ́nu àwọn tó gbọ́ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí “èmi ni mo fọ́ ọ” àti “ìwọ lo fọ́ ọ” ṣe wà. Ó kàn kìlọ̀ fún un nípa ibi méjì. Àkọ́kọ́, “ìwọ lo” tí kò ní àmì lórí “o” àti “ìwọ ló” tó ní àmì ohùn òkè kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. “O” ti kìíní ni “ìwọ” ní kúkúrú, ti kejì sì ni “ó” tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Èkejì, “wọ́n” lè yí ìtumọ̀ padà. Ẹni tó kọ “Àwọn ìkòkò náà ni wọ́n fọ́” ti fi ẹ̀sùn kan àwọn kan, kódà bó bá jẹ́ pé ohun tó fẹ́ sọ ni pé àwọn ìkòkò náà là fúnra wọn. “Àwọn ìkòkò náà ló fọ́” ni yóò gbà á sílẹ̀.

Olùkọ́ náà fún un ní máàkì márùn-ún nínú márùn-ún, ó sì fún un ní iṣẹ́ kan sí i: kó wo “àwọn ọmọ tí ó fọ́ ìkòkò”, kó sọ bóyá “ó” tó tẹ̀ lé “tí” níbẹ̀ jẹ́ èyí tó ń ka èèyàn tàbí èyí tí kò kà wọ́n. Ọmọ náà fi “èmi” àti “ẹ̀yin” dán an wò, ó sì kọ “èmi tí ó fọ́ ìkòkò” àti “ẹ̀yin tí ó fọ́ ìkòkò” sílẹ̀. Méjèèjì dúró.

Ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ tó ń máàkì iṣẹ́ Yorùbá fi èyí sọ́kàn. Ẹ má ṣe fa ìlà pupa sórí “ni ó” nítorí pé olùwà pọ̀, ẹ má sì ṣe fà á sórí “ni wọ́n” nítorí pé ìwé kọ “ni ó”. Gbólóhùn tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ọmọ náà tọ̀nà, èyí tó fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ náà sì tọ̀nà.