Bí ológbò bá gbé eku tó jẹ májèlé wọlé: Àmì tó yẹ ká mọ̀

Òru ni eku sábà máa ń jáde. Bí ológbò tàbí ajá bá gbé èyí tó ń rìn tagétagé lọ́sàn-án gangan wọlé, ó ṣeé ṣe kí eku náà ti jẹ májèlé. Májèlé tó wà nínú rẹ̀ lè pa ẹran ọ̀sìn tó bá jẹ ẹ́.

Oríṣi májèlé méjì

Méjì ló wọ́pọ̀ nínú ọjà Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó jẹ́ olómi, tí wọ́n ń pè ní otapíapía. Òògùn kòkòrò ni, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn a máa fi ra ẹja láti fi pa eku. Ajá tó bá jẹ ẹja náà kì í pẹ́ fi àmì hàn: itọ́ á máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀, á máa bì, ọmọlójú rẹ̀ á sún kì, ara rẹ̀ á sì máa gbọ̀n.

Èkejì ni èyí tó jẹ́ wóró tàbí ègé tó dà bí àbẹ́là aláwọ̀. Òun kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni eku fi ń rìn kiri lẹ́yìn tó bá jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí ológbò fi ń rí i mú.

Ìdákẹ́jẹ́ tó ń tanni jẹ

Ká ní ológbò jẹ irú eku bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Títí di Ọjọ́rú, ó lè máa jẹun kó sì máa ṣeré. Tó bá di Ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Ẹtì, á rẹ̀ ẹ́, èrìgì rẹ̀ á funfun, á sì máa mí gúlegúle, torí pé ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sínú àyà rẹ̀. Ẹni tó ni ín lè rò pé ibà ni. Eku kan lè má pa á, ṣùgbọ́n májèlé náà a máa pẹ́ nínú ẹ̀dọ̀, nítorí náà ológbò tó ń jẹ irú eku bẹ́ẹ̀ léraléra ló wà nínú ewu jù.

Ìtọ́jú

Ọ̀pọ̀ èèyàn a máa da epo pupa sí ẹran náà lẹ́nu. Epo kì í pa agbára májèlé. Bí ara ẹran náà bá ń gbọ̀n, epo lè gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, pẹ̀lú páálí tàbí ìgò májèlé náà, nítorí pé ìtọ́jú méjèèjì yàtọ̀ síra. Abẹ́rẹ́ atirópíìnì ni ti otapíapía. Fítámì K1 ni ti èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n sì sábà máa ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí wọ́n bá dá a dúró láìtọ́jọ́, ẹ̀jẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Ìdáàbòbò

Pańpẹ́ ló dára jù nínú ilé tí ẹran ọ̀sìn bá wà. Bí májèlé bá di dandan, inú àpótí tó ní ihò tí eku nìkan lè gbà wọlé ni kó wà. Láràárọ̀, kí wọ́n wá òkú eku kiri, kí wọ́n fi ọ̀rá bọ ọwọ́ kó o, kí wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ jìn, kí ajá má baà hú u. Ọwọ́ lásán ò gbọdọ̀ kan án, torí eku lè kó ibà Lásà ran èèyàn.