Ìdí Tí Ojú Àwọn Kan Fi Ń Pòórá Nínú Fọ́tò Kíláàsì

Yorùbá ní orúkọ ẹ̀yẹ fún ẹni dúdú àti ẹni pupa: a ń pe ọ̀kan ní adúmáadán, a sì ń pe èkejì ní apọ́nbéporẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá dúró pọ̀ ya fọ́tò, ó máa ń dà bí ẹni pé ẹ̀rọ kò lè rí wọn pọ̀. Mo ti rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lára ògiri ilé káàkiri Mowe, Ìbafọ̀ àti Ìfọ̀. Ojú ọmọ kan dúdú bí èédú, eyín rẹ̀ nìkan ni a rí. Ojú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì funfun bí ìwé, kò sí ojú ìlà imú. Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní ọmọ náà ló dúdú jù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìtàn sì fi hàn pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ.

Kámẹ́rà kò mọ ènìyàn. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀n. Ohunkóhun tí a bá gbé síwájú rẹ̀, ó máa ń gbìyànjú láti sọ ọ́ di àárín méjì, bí àwọ̀ eérú. Bí ògiri funfun bá wà lẹ́yìn, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, àwọn ojú dúdú á sì rì. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ló sì lè lò fún gbogbo ojú tó wà nínú fọ́tò kan.

Ta ni wọ́n wá fi ṣe òṣùwọ̀n ojú tó dára? Ní nǹkan bí ọdún 1955, ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fíìmù aláwọ̀. Àwòrán obìnrin òyìnbó kan ló wà lórí rẹ̀. Shirley ni orúkọ obìnrin àkọ́kọ́, wọ́n sì ń pe gbogbo irú káàdì bẹ́ẹ̀ ní káàdì Shirley. Bí ara obìnrin náà bá ti jáde dáadáa, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ti tò. Lorna Roth, olùkọ́ yunifásítì kan ní Kánádà, ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1009 + 1000, ìyẹn 2009. Ó rí i pé àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ṣe àga onígi wà lára àwọn tó mú kí Kodak tún fíìmù rẹ̀ ṣe, nítorí pé àwọ̀ ọjà wọn kò hàn dáadáa. Ó di nǹkan bí ọdún 1995 kí káàdì tó ní obìnrin aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú funfun tó jáde.

Ṣáájú fíìmù aláwọ̀, agbára wà lọ́wọ́ ayàwòrán tiwa. Ní ọdún 1975, Stephen Sprague ṣe ìwádìí lórí àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún, fọ́tò dúdú-àti-funfun ló sì gbilẹ̀ láàárín wọn. Ẹni tó bá ń tẹ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú yàrá òkùnkùn lè fi ọwọ́ tàbí páálí ṣíji bo ojú tó dúdú jù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ojú náà lè mọ́lẹ̀ sí i lórí ìwé. Nígbà tí fíìmù aláwọ̀ dé, ẹ̀rọ ilé ìfọ́tò ló gba iṣẹ́ yẹn.

Lónìí, iṣẹ́ náà ti padà sọ́wọ́ ẹni tó di kámẹ́rà mú. Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò ìparí ọdún ní ilé ìwé kan ní Ìfọ̀: ọmọ àfín kan wà níbẹ̀, adúmáadán sì dúró tì í. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ kò ní kó wọn sínú oòrùn ọ̀sán. Òjìji ilé ni yóò kó gbogbo wọn sí, kí wọ́n kọjú síta. Oòrùn kò sì ní mú kí ọmọ àfín di ojú. Abẹ́ igi máńgòrò kò dára tó, torí oòrùn á máa gba àárín ewé tò tó-tò-tó sójú wọn. Yóò yẹra fún ògiri funfun, yóò sì tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ níwájú wọn kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sójú. Bí ó bá fẹ́ lo fíláàṣì, yóò rántí pé ẹni tó wà ní mítà 4 ń gba ìdá kan péré nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó kan ẹni tó wà ní mítà 2. Nítorí náà, yóò fi adúmáadán síwájú, yóò fi ọmọ àfín sẹ́yìn díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, yóò ya ẹyọ kan wò, yóò sì fẹ iwájú orí ọmọ àfín lójú. Bí ibẹ̀ bá ti funfun gbòò, tí kò sí àmì awọ ara, yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí awọ yóò fi hàn. Ibẹ̀ ni yóò dúró. Bí ó bá dín in ju bẹ́ẹ̀ lọ, adúmáadán ló ń fìyà jẹ. Lórí kọ̀ǹpútà, ó lè wá tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú dúdú nìkan, ṣùgbọ́n bí ó bá tàn án jù, àmì wínníwínní á bo ojú náà. Ojú tó ti jóná di funfun ní tirẹ̀ kò ní àtúnṣe, torí kámẹ́rà kò gba nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ojú ọmọ kan bá pòórá nínú fọ́tò kíláàsì, kí a má bi í pé kí ló dé tó dúdú tó bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán ni ká bi pé ojú ta ni ó fi wọn ìmọ́lẹ̀.